Ìgò ike láti gbọ̀ngàn àpèjẹ dé orí ìwọ̀n: bí a ṣe ń kó o jọ tà ní Abẹ́òkúta

Ìgò mínírà oníke tó ti ṣófo kì í sábà wúwo tó gíráàmù 30. Ìgò omi tí wọ́n ń pín nínú àpèjẹ tilẹ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta tó kún dẹ́nu láti Àṣẹ́rò lọ sí Lafẹ́ńwá. Àwọn àpò náà tóbi débi pé kẹ̀kẹ́ Márúwá kan odindi ni mo háyà. Nígbà tí Alhaji tó ń ra ike gbé wọn kọ́ orí ìwọ̀n, kílò 5 péré ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó owó kẹ̀kẹ́ tí mo san lọ, mo sì tún ní láti san ti àbọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òwò ìwọ̀n àti àyè ni òwò yìí. Ike fúyẹ́, ó sì ń gba àyè. Ẹni tó bá mọ bó ṣe máa dín àyè rẹ̀ kù, tó mọ bó ṣe máa yà á sọ́tọ̀, tó sì lè ní sùúrù kó pọ̀ kó tó gbé e jáde, á rí nǹkan mú bọ̀. Ẹni tó bá ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, oní kẹ̀kẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Irú ike kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìgò omi àti ìgò mínírà, èyí tí àwọn oníke ń pè ní pẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé kílò bàbà kan tàbí kílò agolo kan ń mówó wá ju kílò ike lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní irin àlòkù nílé mọ̀ pé owó ni, kò ní gbé e fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà irin gba owó ọwọ́. Ó tún ní ewu tirẹ̀: bí ẹ bá ra wáyà iná tàbí irin ojú rélùwéè tí ẹnì kan lọ gé, ẹ̀yin àti olè náà lẹ jọ máa ṣàlàyé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìgò omi tí wọ́n mu tán kò ní olówó tó ń wá a.

Kí ẹ tó ṣa ìgò kan, ẹ lọ bá òǹrajà

Òpin ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ra ike ní kílò wà káàkiri Abẹ́òkúta, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ibi tí wọ́n ti ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ní àyíká ọjà ńlá àti létí ọ̀nà tó jáde nílùú. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀kankan, ẹ wo ọmọkùnrin tó bá ń ti ọmọlańkẹ́ tó kún fún ike kọjá, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì béèrè ibi tó ń gbé e lọ. Ọ̀nà yẹn ni èmi fi mọ òǹrajà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má kàn béèrè "Èló ni kílò kan?" kí ẹ sì máa lọ. Iye yẹn kì í dúró sójú kan. Ó lè yí padà láàárín oṣù kan, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń lọ ike ló ń dá a fún alágbàtà, alágbàtà ló sì ń dá a fún wa. Ẹ béèrè èló ni fún funfun tó mọ́ gaara nìkan, èló ni fún aláwọ̀ ewé àti èyí tó dúdú bí ìgò màlútì, èló sì ni bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Funfun ló máa ń wọ́n jù, torí ilé iṣẹ́ lè pa á láró sí àwọ̀ tó wù wọ́n, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé kò ṣeé sọ di funfun mọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ìgò pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ tàbí wọ́n fẹ́ kí a ṣí i kúrò. Ẹ béèrè bóyá a lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ béèrè bí kílò bá ṣe máa pọ̀ tó kí ọkọ̀ tiwọn tó lè wá kó o nílé yín.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú èwo ni ẹ kì í gbà rárá?" Ẹ jẹ́ kó mú un wá láti inú àpò tirẹ̀ kó sì fi hàn yín. Ojú máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá ju etí lọ.

Bí a ṣe ń dá pẹ́ẹ̀tì mọ̀

Ẹ yí ìdí ìgò náà sókè. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa rí àmì onígun mẹ́ta kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Pẹ́ẹ̀tì ni nọ́ńbà 1. Nọ́ńbà 2 ni ike líle tí kò mọ́ gaara, bí ìgò wàrà tàbí kẹ́ẹ̀gì, nọ́ńbà 5 sì ni ọ̀pọ̀ ọmọrí àti abọ́ oúnjẹ. Wọ́n ń ra àwọn náà, ṣùgbọ́n àpò ọ̀tọ̀ ni wọn àti iye ọ̀tọ̀.

Bí àmì náà bá ti parẹ́, ẹ wo àárín gbùngbùn ìdí rẹ̀. Pẹ́ẹ̀tì máa ń ní ojú kékeré kan bí ìdodo, níbi tí ike ti wọ inú móòdù nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìlà ló gba ìdí náà kọjá bí ojú rírán, kì í ṣe pẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdodo àti ìlà yìí ni pé ìgò kan wà tó jọ pẹ́ẹ̀tì gan-an, tó mọ́ gaara bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ nọ́ńbà 3, tí wọ́n ń pè ní pífísì, ọ̀kan náà pẹ̀lú páìpù omi inú ilé. Pẹ́ẹ̀tì máa ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 250. Ní ooru yẹn, pífísì ti ń jóná, ó sì ń tú ásíìdì jáde tó ń ba pẹ́ẹ̀tì tó yí i ká jẹ́, tó ń sọ ọ́ di pípọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí òǹrajà tó mọṣẹ́ fi máa tú àpò yín dà sílẹ̀, tí á sì máa fi ẹsẹ̀ tú u wò. Bó bá rí méjì mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kò ní fọkàn tán àpò yín yòókù.

Omi náà lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ìgò bá ti fọ́ wẹ́wẹ́. Pẹ́ẹ̀tì máa ń rì, ọmọrí àti ike líle máa ń léfòó. Ẹ jù wọ́n sínú bàsíà omi, ẹ ó rí i fúnra yín. Ṣùgbọ́n omi kò lè yọ pífísì fún yín, torí òun náà ń rì. Ìdodo ni kí ẹ máa wò.

Ìgò òróró jẹ́ pẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró kì í tán lára rẹ̀, iyanrìn sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òǹrajà kì í gbà á pọ̀ mọ́ ti omi. Àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti ìgò oògùn apagi àti oògùn apakòkòrò tí ẹ lè rí nítòsí oko ní apá Ọ̀bántókò tàbí ní ìgbèríko, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e wálé.

Ibi tí ìgò tó mọ́ ti ń wá

Ẹ lè ṣà á nínú gọ́tà, ẹ lè ṣà á lórí ààtàn. Àwọn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ń jẹun níbẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ìgò inú gọ́tà ti gbé iyanrìn mì, ó ti dọ̀tí, kò sì ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ ní odindi. Ibi tí èmi ń rí ike tó mọ́ jù ni gbọ̀ngàn àpèjẹ.

Kò sí Sátidé tí àwọn èèyàn kì í ṣe òde ní Abẹ́òkúta. Láti Kútọ̀ dé Òkè-Ìléwó, ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ìkómọ, ọjọ́ ìbí, gbogbo wọn ló ń pín omi oníke àti mínírà oníke. Ìgò tí wọ́n ṣí lójú yín, tí wọ́n mu, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí tábìlì, kò tíì fojú kan ilẹ̀. Irú ìgò yẹn ni ẹ fẹ́.

Ẹ má yọjú lọ́jọ́ òde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ ní ọjọ́ Wẹ́sídé tàbí Tọ́sìdé, kí ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà. Ohun tí mo máa ń sọ kì í gùn: "Ẹ káàsán o, màámi. Ìgò ike ni mo ń kó. Mi ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mi ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí wọ́n bá ṣetán, màá kó gbogbo ìgò kúrò nílẹ̀, màá sì gbá ibi tí mo ti ṣiṣẹ́." Gbọ̀ngàn tó ń sanwó fún ẹni tó ń kó pàǹtí rẹ̀ máa ń fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ìgò ló ń gba àyè jù nínú pàǹtí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n lè jẹ́ kí iṣẹ́ yín rọrùn tàbí kí ó nira. Ẹ bá wọn dá iye kan fún òde kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa san án lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ìgò ọjọ́ náà kéré tó. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi pé kí n gbé àpò òfo méjì fún àwọn tó ń pín oúnjẹ kí òde tó bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti ń kó abọ́ kúrò lórí tábìlì ni wọ́n á máa ju ìgò sínú àpò. Kó tó di ìgbà náà, inú pàǹtí ìrẹsì àti egungun ẹran ni mo ti máa ń fọwọ́ yọ ọ́.

Ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ń pín oúnjẹ. Bí ẹ bá pẹ́ dé, àwọn ọmọ ọlọ́mọlańkẹ́ á ti kó èyí tó dára lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ìgò gíláàsì tó fọ́ kì í jìnnà sí ibi tí ọtí wà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pẹ́ kó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìlera ìjọba.

Iṣẹ́ ọwọ́: ìdàǹù, ìyàsọ́tọ̀, ìtẹ̀pẹlẹbẹ

Ibi yìí lowó wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Ẹ ṣí ọmọrí, ẹ dorí ìgò kodò, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ó lè dà bíi pé kíún omi tó kù kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìgò 100 bá ní mílílítà 10 mílílítà 10 nínú, kílò kan gbáko ni omi yẹn. Òǹrajà mọ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti gbọ́ ìró omi nínú àpò kan, á yọ kílò lórí gbogbo wọn. Nígbà kan tí òjò pa àpò mi lọ́nà, kílò 3 ni òǹrajà gé kúrò nínú 14, tó ní, "Ìyá Ìbejì, ike ni mo ń rà, mi ò ra omi." N kò rí ohun tí mo lè sọ. Mínírà tó bá kù nínú ìgò tún máa ń fa èèrà àti aáyán wá sínú ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí mẹ́rin: funfun, aláwọ̀, ọmọrí, àti èyí tó dára tó láti tà ní odindi. Màá padà sórí ẹ̀kẹrin yìí. Ọ̀rá tí wọ́n wé mọ́ ìgò lára, ẹ ya á kúrò bí òǹrajà bá ní kí ẹ ya á. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ọmọrí ni kí ẹ má jù nù. Ike ọ̀tọ̀ ni, ó ń yọ́ ní ooru tó kéré sí ti pẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òǹrajà ṣe fẹ́ kí ó dá wà. Ìgò 500 lè fún yín ní ọmọrí tó tó kílò kan, ẹ ó sì tà á mọ́ ike líle.

Ìtẹ̀pẹlẹbẹ ló kàn. Àpò ìrẹsì kílò 50 kan kì í gbà ju ìgò bíi 80 lọ bí wọ́n bá wà ní odindi. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n, ó ń gbà ju 200 lọ. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ àárín rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ apá ìdí. Bí òǹrajà yín bá ń gba ọmọrí mọ́ ọn, ẹ dé e padà kíákíá kí atẹ́gùn má baà wọlé, kò ní wú mọ́. Ẹ ṣe é lórí símẹ́ńtì tí ẹ ti gbá. Bí ẹ bá ṣe é lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀, gbogbo iyanrìn yẹn ló máa bá yín lọ sórí ìwọ̀n, ìtìjú yín nìyẹn.

Inú gbọ̀ngàn gan-an ni mo ti máa ń tẹ̀ wọ́n báyìí, kí n tó lọlé. Àpò méje tó yẹ kí n háyà kẹ̀kẹ́ fún á wá di mẹ́ta, mo sì lè wọkọ̀ pẹ̀lú wọn bí èrò.

Ibi tí ẹ máa kó wọn sí gbọ́dọ̀ ní òrùlé, kó sì jìnnà sí iná ìdáná, torí ike ń gbaná kíákíá, èéfín rẹ̀ sì burú. Ẹ gbé àwọn àpò lé orí pákó tàbí páléètì. Lákòókò òjò, ìgò tó bá wà níta láìtẹ̀ máa ń gba omi, ẹ̀fọn á sì yé sínú rẹ̀. Àwọn ará ilé tí ẹ jọ ń gbé kò ní fara mọ́ ọn, wọn ò sì jẹ̀bi.

Odindi ìgò níye lórí ju kílò lọ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ike kò fọkàn sí èyí. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ olómi, ẹni tó ń po ízàà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹni tó ń ta kẹrosíìnì ní ìwọ̀n kékeré nílò ìgò tó mọ́, tó ní ọmọrí tirẹ̀, tí kò sì tẹ̀. Wọ́n ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ bá wọn nínú ọjà Omídà tàbí Lafẹ́ńwá, tàbí ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè irú ìgò tí wọ́n ń lò àti iye tí wọ́n lè gbà lọ́sẹ̀ méjì.

Ìgò mínírà tó le díẹ̀ ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ti omi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ọṣẹ, ẹ ṣàn án, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó gbẹ. Àwọn tó ń ta ohun mímu sóbò máa ń bi mí náà. Èmi kì í tà á fún wọn. Ìgò yìí kò ṣeé sè nínú omi gbígbóná kí ó má sùnkì, fífọ̀ ọwọ́ lásán kò sì tó fún ohun tí ọmọ ẹlòmíì máa mu. Òfin tí mo ṣe fúnra mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò òde kan

Mo fẹ́ lo òde tí èrò rẹ̀ tó 300. Mo kó ìgò 530 níbẹ̀: 350 jẹ́ ti omi, 180 jẹ́ ti mínírà. Lórí ìwọ̀n, ti omi jẹ́ kílò 5.6, ti mínírà jẹ́ kílò 4.4. Ẹ rí i, ìgò omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti mínírà kò fi púpọ̀ wúwo jù ú. Kílò 10 ni gbogbo rẹ̀. Fún ìṣirò yìí, màá fi ₦200 ṣe iye kílò kan kí ó lè rọrùn láti kà. Ẹ fi iye tí òǹrajà yín bá sọ rọ́pò rẹ̀.

Kílò 10 jẹ́ ₦2,000. Mo fún àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ₦500. Bí mo bá kó o lọ láìtẹ̀ ẹ́ nínú àpò méje, tí mo háyà kẹ̀kẹ́ ní ₦1,500 lọ tà á tààrà, kò kù kọ́bọ̀. Gbogbo Sátidé náà já sí òfo.

Wàyí o, ká ní mo ní gbọ̀ngàn méjì, tí mo sì ń kó ike jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òde 12 nìyẹn, kílò 120, bíi àpò 30 tí a ti tẹ̀. Ó jẹ́ ₦24,000. Owó àwọn tó ń gbálẹ̀ jẹ́ ₦6,000. Owó ọkọ̀ mi bí èrò láti gbọ̀ngàn délé, ₦300 nígbà 12, jẹ́ ₦3,600. Mo wá háyà kòròpé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ₦5,000 láti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦9,400.

Ẹ fi odindi ìgò kún un. Ká ní oníṣẹ́ ọṣẹ kan ń gba ìgò mínírà 100 lọ́sẹ̀ méjì méjì ní ₦30 ẹyọ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 300 nìyẹn, ₦9,000. Bí mo bá ta 300 yẹn ní kílò, kò ní ju kílò 7.3 lọ, ₦1,460 péré. Nítorí náà, èrè mi kúrò ní ₦9,400, ó wọ bíi ₦17,000. Ìgò kan náà ni, òde kan náà ni.

Kì í ṣe owó tó lè bọ́ ìdílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Owó ẹ̀gbẹ́ ni, fún ẹni tó ní Sátidé àti igun ilé kan. Ohun tó lè gbé e ga ni pé kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa ike wọn pọ̀. Bó bá ti tó kílò 500, ọ̀pọ̀ òǹrajà á rán ọkọ̀ tiwọn wá, ₦5,000 kòròpé á kúrò lọ́rùn yín, ẹ sì lè dúnàá-dúrà sí i lórí iye kílò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù wọn tirẹ̀ kí wọ́n tó dà á pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo yín. Ibi tí ìjà ti máa ń wá nìyẹn.

Ọjọ́ ìtajà

Ẹ ra ìwọ̀n kékeré tí a ń fi kọ́ nǹkan, èyí tó lè gbé dé kílò 50. Ẹ wọn àpò kọ̀ọ̀kan nílé, kí ẹ fi máákà kọ iye rẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì ní àròpọ̀ rẹ̀ nínú ìwé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìwọ̀n tiyín tàbí ti òǹrajà ló ń purọ́? Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ẹ wá báàgì omi inú ọ̀rá kan tí wọn kò tíì tú, ogún ẹyọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50. Lítà 10 ni, kílò 10 ló sì yẹ kó kà. Ẹ gbé e kọ́ orí ìwọ̀n yín lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òǹrajà, ẹ gbé e kọ́ orí tirẹ̀ náà. Kò pọn dandan kí ẹ bínú sọ ọ́, ẹ kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Alhaji, ẹ bá mi wọn omi yìí ná." Bí tirẹ̀ bá ka 8 níbi tí tiyín ti ka 10, ìdá márùn-ún owó yín ló ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń rọ omi sínú ọ̀rá kì í rọ ọ́ kún dáadáa, nítorí náà bí iyàtọ̀ náà kò bá ju díẹ̀ lọ, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì tí ẹ mọ lítà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Òǹrajà lè sọ pé òun máa yọ kílò fún àpò. Òótọ́ ni pé àpò ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì òfo kan jẹ́ bíi gíráàmù 100. Fún àpò 30, kílò 3 ló yẹ kó yọ. Bó bá ní ìdajì kílò lórí àpò kọ̀ọ̀kan, kílò 15 nìyẹn, ₦3,000 nínú ìṣirò òkè yìí. Ẹ ní kó gbé àpò òfo mẹ́wàá papọ̀ sórí ìwọ̀n, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó.

Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń tú ike dà sílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ohun tó bá yọ: ìgò òróró mélòó, aláwọ̀ mélòó tó wọnú funfun. Ohun tí ẹ máa tún ṣe ní gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ gba owó yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ béèrè iye kílò fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì gba àwọn àpò òfo yín padà. Ẹ yí inú wọn síta, ẹ gbọn iyanrìn wọn nù, kí ẹ ká wọn sínú ọ̀kan ṣoṣo gbé lọ sílé.